Títúmọ̀ àkọlé àti àlàyé inú sikirinṣọ́ọ̀tì síìtì láì fọwọ́ kan nọ́ńbà àti fọ́múlà

Akọ̀wé_Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Sikirinṣọ́ọ̀tì méjì ló wà lọ́wọ́ mi, síìtì Excel kan náà ni wọ́n ti ya méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ fi nọ́ńbà hàn. Èkejì fi fọ́múlà hàn, torí ẹni tó yà á ti tẹ Ctrl+` kó tó yà á. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àkọlé àti àlàyé inú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí n sọ wọ́n di Yorùbá fún àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń ka síìtì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àti fọ́múlà kò gbọdọ̀ yí padà rárá. Fáìlì fúnra rẹ̀ kò sí, àwòrán nìkan ni mo ní. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

```
A: Item   B: Qty   C: Unit Price   D: Discount
E: Net Amount ('000)   F: Status

E4:  =B4*C4*(1-D4)
F4:  =IF(B4<10,"Reorder","OK")
E11: =SUM(E2:E9)
F11: =COUNTIF(F2:F9,"Reorder")
```

Àlàyé méjì ló wà. Ọ̀kan wà nínú àpótí yẹ́lò tó yọ láti D1: "Discount applies only when Qty is above 20." Èkejì wà ní A13: "C and E in '000. Edit prices in column C only."

Ìbéèrè mi mẹ́ta: irin iṣẹ́ wo ni kí n lò? "Reorder" tó wà ní kọ́lọ́mù F ńkọ́, ọ̀rọ̀ ni kí n kà á sí ni àbí fọ́múlà? Ẹ̀kẹta, D4 jẹ́ 5% nínú àwòrán àkọ́kọ́, ó sì jẹ́ 0.05 nínú èkejì. Ṣé ọ̀kan ṣìnà ni?

---

Fẹ́mi_Síìtì

Èyí ò le rárá. Ṣí i nínú Google Sheets, lọ sí ìlà tó ṣófo, kọ èyí síbẹ̀, kí o sì fà á lọ sí apá ọ̀tún:

```
=GOOGLETRANSLATE(A1,"en","yo")
```

Gbogbo àkọlé á yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà ò ní yí padà torí ìlà àkọlé nìkan lo pè.

---

Ìyá_Ìbejì

Fẹ́mi, ka ìbéèrè rẹ̀ tán. Kò sí fáìlì. A1 inú àwòrán kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì tí fọ́múlà lè pè, àwọ̀ lásán ni. Àti pé ohun tí fọ́múlà yẹn bá mú wá fún àkọlé oní-ọ̀rọ̀ kan bíi "Net" tàbí "Status" ò ṣe é gbára lé, torí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣirò owó ni.

Akọ̀wé, kí o tó ṣe ohunkóhun, tún bi ẹni tó fún ọ ní àwòrán bóyá fáìlì lè wá. Bí kò bá lè wá, ó dáa, ká máa bá àwòrán lọ.

---

Alàgbà_Ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè kẹta, torí òun ló máa jẹ́ kí o mọ ohun tó yẹ kí o fọwọ́ kàn.

5% àti 0.05 kò tako ara wọn. Nọ́ńbà tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ni 0.05, aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un ni 5%. Tí ènìyàn bá tẹ Ctrl+`, Excel á bọ́ aṣọ yẹn kúrò, á fi ohun tó wà nísàlẹ̀ hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe sí ọjọ́: sẹ́ẹ̀lì tó fi 1 Mar 2024 hàn á di 45352 lójú fọ́múlà. Àwọn kọ́lọ́mù á sì fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ni àwòrán méjèèjì ò ṣe ní bára mu tí o bá gbé wọn lé ara wọn. Má ṣe "tún" 0.05 ṣe kó lè jọ 5%. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò á ṣírò rẹ̀ báyìí: tí B4 bá jẹ́ 24, tí C4 jẹ́ 350, 24 lọ́nà 350 jẹ́ 8,400, tí a bá yọ 5% kúrò ó ku 7,980. Tí E4 inú àwòrán àkọ́kọ́ bá jẹ́ 7,980, àwòrán méjèèjì ń sọ ohun kan náà.

Ó kan yíya ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jẹ́ nọ́ńbà. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, wo ẹ̀gbẹ́ tí nǹkan fara tì nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti apá òsì, nọ́ńbà àti ọjọ́ máa ń fara ti apá ọ̀tún, TRUE, FALSE àti àwọn àmì àṣìṣe bíi #N/A máa ń wà láàárín. Nítorí náà, tí o bá rí "Jan-24" tó fara ti apá ọ̀tún, ọjọ́ ni, nọ́ńbà ló wà nídìí rẹ̀, má sọ ọ́ di Yorùbá. Tí o bá rí i ní apá òsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí ẹnì kan tẹ̀ síbẹ̀. TRUE, FALSE, #REF!, #DIV/0! àti #### gbọ́dọ̀ dúró bí wọ́n ṣe wà. Àmì #### ń sọ pé kọ́lọ́mù náà kéré ju nọ́ńbà inú rẹ̀ lọ, òun náà jẹ́ ara ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rí. Àwòrán àkọ́kọ́ nìkan ni kí o fi ṣe ìyẹ̀wò yìí o. Lójú fọ́múlà, fífara tì yẹn ò ṣe é tẹ̀ lé mọ́.

Ẹ̀kẹta, tí mo fẹ́ kí o kíyè sí jù: ('000) tó wà lára àkọlé E. Ọ̀pọ̀ máa ń kà á sí ọ̀ṣọ́, wọ́n á túmọ̀ "Net Amount", wọ́n á sì ju ìyókù nù torí àyè kò gbà á. Òun ló ń sọ pé 7,980 tó wà níbẹ̀ jẹ́ 7,980,000. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò kò fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, síbẹ̀ ó ti yí gbogbo nọ́ńbà kọ́lọ́mù náà padà. Bí àkọlé yóò bá gé kúrú, ibòmíràn ni kí o ti gé e.

Lórí "Reorder", máà fọwọ́ kàn án. Màá padà wá ṣàlàyé.

---

Dàpọ̀_Dátà

Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí a fi ń dààmú pẹ̀lú àwòrán? Excel ní ohun tó ń jẹ́ Data > From Picture. Ẹ gbé sikirinṣọ́ọ̀tì náà fún un, á kà á, á sì tò ó sínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ túmọ̀ àkọlé níbẹ̀, ẹ tún sikirinṣọ́ọ̀tì yà. Á mọ́ ju kí ènìyàn máa kun àwọ̀ lórí àwòrán.

---

Ìyá_Ìbejì

Dàpọ̀, ó wà lóòótọ́, ó sì wúlò fún tábìlì tí nọ́ńbà nìkan wà nínú rẹ̀. Fún ti Akọ̀wé yìí, ibi méjì ló ti kù díẹ̀ káàtó. Àwòrán àkọ́kọ́ á wọlé bíi nọ́ńbà tó ti kú: E11 á jẹ́ iye kan lásán, SUM ò ní sí níbẹ̀. Àwòrán kejì ló léwu jù, torí fọ́múlà ni ẹ̀rọ fẹ́ kà lójú. Àmì ìdánudúró lè di àmì ìdánudúró-díẹ̀, òdo lè di lẹ́tà O, 1 lè di l kékeré, àmì àyọlò títọ́ lè di èyí tó tẹ̀. Tí E2:E9 bá di E2:E8 lójú ẹ̀rọ, fọ́múlà náà ṣì máa ṣiṣẹ́, kò ní bú gbàmù, iye rẹ̀ á kàn dín ni. Ta ló máa rí i?

Wọ́n ní kí nọ́ńbà má yí padà. Ọ̀nà tó dájú láti má yí i padà ni kí a má tún un tẹ̀ rárá, kí ẹ̀rọ kankan má sì kà á. Kí àwọn píksẹ́lì ìpilẹ̀ṣẹ̀ dúró síbi tí wọ́n wà.

---

Dàpọ̀_Dátà

Ó yé mi mà. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá fi sùúrù yẹ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Síìtì oníla mẹ́sàn-án ni, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún.

---

Ìyá_Ìbejì

Fún ìlà mẹ́sàn-án, ó ṣe é ṣe. Mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àkókò tí o máa fi yẹ̀ ẹ́ wò ju èyí tí o máa fi bo àkọlé mẹ́fà lọ.

---

Àjàní_Àwòrán

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń bò ó. GIMP ni màá fi ṣàlàyé, ẹ̀rọ àwòrán èyíkéyìí tó bá ní ìpele náà á ṣe é.

Rí i dájú pé PNG ni àwòrán tó wà lọ́wọ́ rẹ. Tí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ nínú áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò, ó ti di JPEG, àwọn nọ́ńbà kéékèèké á ti ní ìdọ̀tí yí ká. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì. Má ṣe yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Tí o bá fẹ́ rí i dáadáa, fi ojú GIMP sún un mọ́ra, ìyẹn ò kan àwòrán fúnra rẹ̀. Tí o bá yí ìwọ̀n padà, gbogbo nọ́ńbà ni ẹ̀rọ á tún yà.

Ṣí àwòrán náà, kí o ṣe Layer > Duplicate Layer, kí o sì ti ìpele ìsàlẹ̀ pa kí ọwọ́ má baà kàn án. Orí ìpele òkè nìkan ni iṣẹ́ ti máa ṣẹlẹ̀. Tẹ O, kí o sì tẹ ibi tó ṣófo nínú sẹ́ẹ̀lì àkọlé kí o lè mú àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Má ṣe fojú díwọ̀n àwọ̀, torí eérú méjì tó jọra lójú á hàn gbangba bí ọ̀kan bá wà lára èkejì. Tẹ R, kí o fa àpótí sínú sẹ́ẹ̀lì náà, kí o sì fi píksẹ́lì méjì sílẹ̀ sí ìlà tó pín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ctrl+, á da àwọ̀ náà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lọ nìyẹn, àwọn ìlà sì wà síbẹ̀. Tẹ T, yí àwọ̀ rẹ̀ padà sí ti lẹ́tà àkọlé, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. GIMP á fi í sí ìpele tirẹ̀, nítorí náà o ṣì lè tún un ṣe lọ́la. Tọ́jú èyí tó ní ìpele sí .xcf, kí o sì fi Ctrl+Shift+E gbé PNG jáde.

Àwọn lẹ́tà A, B, C tó wà lókè pátápátá, àti 1, 2, 3 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe àkọlé. Àdírẹ́sì ni wọ́n. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n láéláé, fọ́múlà ń tọ́ka sí wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rí. Gbé PNG tuntun lé ti àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí ìpele, yí Mode rẹ̀ sí Difference. Ibi tí méjèèjì bá ti jẹ́ ọ̀kan náà á dúdú kirikiri. Àkọlé mẹ́fà àti àwọn àlàyé nìkan ló yẹ kó tàn. Bí nọ́ńbà kan bá tàn, o ti fọwọ́ kàn án.

---

Alàgbà_Ìṣirò

Àjàní, o káre. Mo fi kún un: ojú lè má rí ìyàtọ̀ tó fẹ́lẹ́ nínú dúdú yẹn. Tí ImageMagick bá wà lórí kọ̀ǹpútà, kó kà á fún ọ. Ká ní àwòrán náà fẹ̀ tó 1400, tí ó ga tó 700, tí ìlà àkọlé sì parí ní píksẹ́lì 62 láti òkè:

```
magick atijo.png -crop 1400x638+0+62 +repage a.png
magick titun.png -crop 1400x638+0+62 +repage b.png
magick compare -metric AE a.png b.png iyato.png
```

Ohun tó máa kọ jáde ni iye píksẹ́lì tó yàtọ̀. 0 lo ń wá. Ṣùgbọ́n nínú ti Akọ̀wé, àpótí yẹ́lò D1 bọ́ sínú agbègbè tí a gé yìí, àlàyé A13 náà sì lè bọ́ síbẹ̀. Kò ní jẹ́ 0, nítorí náà ṣí iyato.png: ó máa fi pupa sàmì sí ibi tó yàtọ̀. Tí pupa bá wà níbòmíràn yàtọ̀ sí ibi àlàyé méjèèjì, padà sẹ́yìn.

---

Akọ̀wé_Kékeré

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń ṣe é bí Ẹ̀gbọ́n Àjàní ṣe wí. Ibi tó ti há mọ́ mi lọ́wọ́ ni pé "Qty" kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì fẹ̀ tó píksẹ́lì 64 péré. "Iye ọjà tó wà" ò lè wọ ibẹ̀. Mo tún fi "Iye" sí Qty, "Iye owó" sí Unit Price, "Iye owó tó kù" sí Net Amount. Àwọn àmì orí àti abẹ́ lẹ́tà náà sì ń sá kúrò lórí lẹ́tà wọn nínú fọ́ǹtù tí mo lò.

---

Ìyá_Ìbejì

Kọ́kọ́ pààrọ̀ "Iye" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka =B4*C4*(1-D4), ó máa fẹ́ kà á lẹ́nu: iye lọ́nà iye ó jẹ́ iye. Kò ní yé e. Èmi á fi "Òǹkà" sí B, "Owó ẹyọ kan" sí C, "Ẹ̀dínwó" sí D, "Owó gangan ('000)" sí E, "Ipò ọjà" sí F. Báyìí á lè kà á jáde: òǹkà lọ́nà owó ẹyọ kan, kí a yọ ẹ̀dínwó kúrò.

Àwọn orúkọ yìí gbọ́dọ̀ bá ti inú àlàyé mu. Àlàyé D1 ń dárúkọ Qty, nítorí náà "Òǹkà" ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe "iye" tàbí "èló": "Ẹ̀dínwó wà fún ọjà tí Òǹkà rẹ̀ bá ju 20 lọ nìkan." Má kọ "tó bá pé 20". 20 gan-an ò sí nínú rẹ̀.

Ní ti fọ́ǹtù, gbìyànjú Noto Sans tàbí Charis SIL. Kọ "Ẹ̀dínwó" àti "Òǹkà" wò. Tí àmì orí Ẹ̀ bá sá sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí àmì abẹ́ rẹ̀ bá wọ inú ìlà sẹ́ẹ̀lì, fọ́ǹtù tàbí ìwọ̀n rẹ̀ ò dáa. Má ṣe tìtorí àyè bọ́ àmì kúrò.

---

Àjàní_Àwòrán

Sí èyí tí kò bá wọ̀, mo ní ọ̀nà míì: fi nọ́ńbà kékeré inú òbìrí sínú sẹ́ẹ̀lì àkọlé, ①, ②, ③, kí o sì kọ ìtumọ̀ wọn sísàlẹ̀ àwòrán. Image > Canvas Size lo máa fi fa àyè. Ìsàlẹ̀ ni kí o ti fà á, kì í ṣe òkè. Tí o bá fi àyè kún òkè, gbogbo nọ́ńbà á sún wálẹ̀, compare á sì sọ pé gbogbo rẹ̀ yàtọ̀. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀, igun òsì lókè ò kúrò níbi tó wà, àṣẹ tí Alàgbà kọ ṣì máa bá a mu.

---

Ìyá_Ìbejì

Ní tèmi o, mi ò fẹ́ràn òbìrí nínú síìtì. Nọ́ńbà mìíràn lo tún kó wọ àárín nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè rò pé ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Bí ó bá pọn dandan, lo lẹ́tà kékeré tàbí ìràwọ̀. "Òǹkà" á wọ píksẹ́lì 64, "Owó ẹyọ kan" á wọ̀ tí o bá fi í sí ìlà méjì. Kò tíì sí ohun tó pe òbìrí wá.

---

Fẹ́mi_Síìtì

Ẹ ṣì ní ká pa dà sí "Reorder". Mo rò pé ó yẹ ká túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó fara ti apá òsì bí Alàgbà ṣe ní kí a máa wò, akẹ́kọ̀ọ́ sì nílò rẹ̀ ju àkọlé lọ. Kí la fi Yorùbá kọ orí kọ́lọ́mù fún tí gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bá ṣì jẹ́ "Reorder"?

---

Alàgbà_Ìṣirò

Ìbéèrè gidi ni, Fẹ́mi. Ẹ̀gbẹ́ tó fara tì ń sọ pé ọ̀rọ̀ ni, kò sọ ẹni tó kọ ọ́. Fọ́múlà F4 ló kọ èyí. Tí o bá kọ "Tún rà" sórí rẹ̀ nínú àwòrán àkọ́kọ́, àwòrán kejì ṣì ń fi "Reorder" hàn láàárín àmì àyọlò. Ẹni tó bá gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn á bi ọ́ léèrè ibi tí "Tún rà" ti wá, torí fọ́múlà yẹn ò lè bí i.

Ká ní o wá túmọ̀ rẹ̀ nínú fọ́múlà náà, o ti fọwọ́ kan fọ́múlà. F11 tún ń bẹ níbẹ̀ tó ń ka iye ìgbà tí "Reorder" wà. Bí ẹnì kan bá tẹ síìtì yìí látinú àwòrán rẹ, tí IF sọ "Tún rà" ṣùgbọ́n tí COUNTIF ṣì ń wá "Reorder", F11 á jẹ́ 0. Kò ní fi àmì àṣìṣe kankan hàn. Òdo yẹn á kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé kò sí ọjà kankan tó yẹ ká tún rà. Ìdí tí mo fi ní kí a máà fọwọ́ kàn án nìyẹn.

Ìlà kan nísàlẹ̀ àwòrán tó: Reorder = ó yẹ ká tún rà á; OK = ó ṣì tó.

---

Fẹ́mi_Síìtì

Ẹ̀yin àgbà, mo gbà fún àwòrán fọ́múlà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ lo àwòrán nọ́ńbà nìkan, láì fi fọ́múlà hàn ẹnikẹ́ni rárá, mi ò rí ohun tó bàjẹ́ bí F bá jẹ́ Yorùbá.

---

Ìyá_Ìbejì

Lórí èyí, èmi wà lẹ́yìn Fẹ́mi. Àwòrán tó dá dúró, tó jẹ́ pé kíkà nìkan ni, kò sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ sínú Excel. Alàgbà ò ní gbà, mo mọ̀.

---

Alàgbà_Ìṣirò

Mi ò gbà, mà. Àwòrán kì í dá dúró pẹ́.

---

Kẹ́mi_Onífaransé

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi jọ èyí díẹ̀. Excel èdè Faransé ni wọ́n fi ya sikirinṣọ́ọ̀tì tèmi. Fọ́múlà rẹ̀ rí báyìí:

```
=SOMME(E2:E9)
=SI(B4<10;"Commander";"OK")
```

Nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 7 980,50. Ṣé kí n sọ SOMME di SUM, kí n sì tún nọ́ńbà náà kọ sí 7,980.50 nígbà tí mo bá ń túmọ̀ àkọlé?

---

Alàgbà_Ìṣirò

Rárá o, Kẹ́mi. SOMME ni SUM, SI ni IF, bí Excel èdè Faransé ṣe máa ń fi wọ́n hàn nìyẹn. Nínú fáìlì .xlsx fúnra rẹ̀, orúkọ kan náà ló wà ní ìpamọ́, Excel kọ̀ọ̀kan á fi ti èdè tirẹ̀ hàn. Àwòrán ò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun tó hàn ló gbọ́dọ̀ dúró. Àmì ";" dúró, àmì "," tó ya 50 sọ́tọ̀ dúró, àyè tó wà láàárín 7 àti 980 náà dúró. Tí o bá sọ ọ́ di 7,980.50 ṣùgbọ́n tí o fi ";" sílẹ̀ nínú fọ́múlà, o ti da àwòrán tí kò jọ Excel kankan.

Kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé SOMME jẹ́ SUM, SI jẹ́ IF, pé àmì "," ló ń ya ìdá sọ́tọ̀ níbí. Ẹni tó bá tẹ SOMME sínú Excel èdè Gẹ̀ẹ́sì láìka ìlà yẹn á rí #NAME?.

---

Dàpọ̀_Dátà

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: bí fọ́múlà bá dárúkọ àkọlé gan-an ńkọ́? Bíi kí E11 jẹ́:

```
=SUM(Table1[Net Amount])
```

Akọ̀wé ò ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ gan-an lára ẹni tó bá lo Ctrl+T. Nínú fáìlì gidi, bí o bá yí àkọlé padà, Excel á tún fọ́múlà náà ṣe fúnra rẹ̀. Nínú àwòrán, o máa bo "Net Amount" lórí kọ́lọ́mù, fọ́múlà á sì máa pe ohun tí kò sí níbì kankan mọ́ lójú ẹni tó ń kà á.

---

Ìyá_Ìbejì

O ṣeun, Dàpọ̀, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Níbẹ̀, má bo Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ sí ìlà òkè nínú sẹ́ẹ̀lì, kí Yorùbá wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà tó kéré sí i. Bí àyè ò bá sí, àlàyé ìsàlẹ̀ ni. Àkọlé tí fọ́múlà bá dárúkọ ti di ara fọ́múlà.

---

Akọ̀wé_Kékeré

Mo ti parí àwòrán àkọ́kọ́. Àkọlé bí Ìyá Ìbejì ṣe tò ó, Noto Sans. A13 ti di: "C àti E wà ní '000. Kọ́lọ́mù C nìkan ni kí o ti máa ṣàtúnṣe owó ọjà." Pupa inú iyato.png ò kọjá àlàyé méjèèjì. Ọ̀kan ló kù: Yorùbá àlàyé D1 gùn ju Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ, kò gba inú àpótí yẹ́lò. Ṣé kí n fẹ àpótí náà ni?

---

Àjàní_Àwòrán

Má fẹ̀ ẹ́. Àpótí yẹn jókòó lórí apá kan D2 àti E2 lọ sísàlẹ̀. Bó bá fẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà kan á wọ abẹ́ rẹ̀, o sì ti pa nọ́ńbà rẹ́ láì tẹ̀ ẹ́. Dín lẹ́tà rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àmì abẹ́ ẹ àti ọ á fi pòórá. Bí kò bá tún gbà, kọ "Wo àlàyé 1 nísàlẹ̀" sínú àpótí, kí gbólóhùn kíkún wà ní àyè tí o fà sísàlẹ̀.

Kí o sì wo igun àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù dáadáa. Bí igun kékeré pupa bá wà lórí sẹ́ẹ̀lì míì tí àpótí rẹ̀ ò ṣí, àlàyé wà níbẹ̀ tí àwòrán yìí ò gbé wá. Kò sí bí o ṣe lè túmọ̀ rẹ̀. Ní kí wọ́n lọ sí Review > Notes > Show All Notes kí wọ́n tún un yà.

---

Akọ̀wé_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, igun pupa kan wà ní C1 lóòótọ́. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n tún un yà.